Yíyọ Àbàwọ́n Tòmátì àti Àtalẹ̀ Pupa Kúrò Lára Abọ́ Ike

Bí a bá bu ọbẹ̀ ata sínú àwo tánganran, tí a jẹ ẹ́ tán, tí a sì fọ àwo náà, funfun rẹ̀ a tún padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí a bá bu ọbẹ̀ yìí kan náà sínú abọ́ ike funfun, tí a sì jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀, a lè fi ọṣẹ fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó má yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kí ó má sì rùn, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé ọbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí abọ́ náà bá jẹ́ tiwa, a lè mú un mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ abọ́ alábọ́ tí a yá láti fi gbé oúnjẹ, ojú ni yóò máa tì wá nígbà tí a bá ń dá a padà.

Àwọ̀ méjì ni ó sábà máa ń fa ọ̀ràn yìí. Èkíní ni àwọ̀ pupa tí ó wà nínú tòmátì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní láíkópínì. Ìbátan rẹ̀ ni àwọ̀ tí ó wà nínú tàtàṣé àti nínú epo pupa, nítorí náà ohun kan náà ni a ó ṣe fún gbogbo wọn. Èkejì ni àwọ̀ ìyeyè tí ó wà nínú àtalẹ̀ pupa, tí a ń pè ní kọkúmínì. Ẹlòmíràn lè sọ pé òun kò fi àtalẹ̀ pupa se oúnjẹ rí. Kí onítọ̀hún rántí ìrẹsì díndín tí ó jẹ níbi ìnáwó: àtalẹ̀ pupa ni ó fún kọ́rì tí a fi sè é ní àwọ̀.

Àwọ̀ méjèèjì yìí kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Inú òróró ni wọ́n ti ń yòrò. Ike pẹ̀lú, láti ara epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni a ti ń rí ohun tí a fi ń ṣe é, ìwà rẹ̀ sì jọ ti òróró ju ti omi lọ. Nígbà tí òróró ọbẹ̀ bá fara ti ike, àwọ̀ tí ó wà nínú òróró náà a rí ibùgbé tuntun, a sì wọ inú ike lọ díẹ̀díẹ̀. Ara dígí, tánganran àti irin tí kì í dípẹtà kò gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ooru ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún un: bí ọbẹ̀ bá gbóná, ara ike a dẹ̀, àwọ̀ a sì tètè wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ da omi gbígbóná hóhó sínú abọ́ tí ọbẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ń ti àbàwọ́n náà wọlé sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú abọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Abọ́ ike funfun onídèérí ni. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n bu ìrẹsì díndín sí apá kan rẹ̀, wọ́n sì bu ọbẹ̀ ata gbígbóná sí apá kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó tú u. Apá kan ti di àwọ̀ ìyeyè, apá kejì sì pọ́n bí osùn. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú ni a gbọ́dọ̀ dá abọ́ náà padà fún ẹni tí ó ni ín. Kí ni kí a ṣe?

Ìṣísẹ̀ kìíní ni pé kí a má ṣe fi omi kàn án rárá. Kí a fi ìwé tàbí àkísà gbígbẹ nu gbogbo òróró tí ó kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a da òróró ìdáná tí kò ní àwọ̀, ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun kan, sínú abọ́ náà, kí a fi àkísà rírọ̀ pa á mọ́ ojú àbàwọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé inú òróró ni àwọ̀ náà ti ń yòrò, òróró tuntun yóò fa èyí tí kò tíì wọlé jìnnà jáde. Ẹ ó rí i pé àkísà náà yóò pọ́n. Kí a máa pààrọ̀ ojú àkísà títí yóò fi dẹ́kun pípọ́n.

Ìṣísẹ̀ kejì ni fífọ̀. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè gbà láìjóni, ni kí a lò, pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn rírọ̀. Kí a má ṣe fi iyanrìn tàbí kànìnkànìn onírin ha á, nítorí ojú ibi tí a bá ha yóò di kòtò wẹ́wẹ́ tí ọbẹ̀ mìíràn yóò máa fara pamọ́ sí. Níbi fífọ̀ yìí ni a ó ti mọ àbàwọ́n kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá fi ọṣẹ dúdú kan apá tí ìrẹsì wà, ibi tí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tẹ́lẹ̀ lè ṣàdédé pọ́n bí ẹní fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé a ti ba abọ́ jẹ́. Eérú ni a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, agbára eérú náà ni ó ń yí àwọ̀ àtalẹ̀ pupa padà. Àní àwọn onímọ̀ a máa ri ìwé bọ omi àtalẹ̀ pupa láti fi dán irú agbára bẹ́ẹ̀ wò. Bí a bá fi omi ṣàn án dáadáa, tí a sì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, yóò tún padà di àwọ̀ ìyeyè. Àbàwọ́n tòmátì àti ti epo pupa kì í yí padà báyìí. Nítorí náà, èyí tí ó bá yí padà, ti kọ́rì ni. Èyí tí kò bá yí padà, ti ọbẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé ọsàn wẹ́wẹ́ yìí kò yọ àbàwọ́n náà. Ó kàn dá àwọ̀ rẹ̀ padà ni. Kí a ṣan omi ọsàn náà kúrò pátápátá kí a tó tẹ̀ síwájú.

Ìṣísẹ̀ kẹta ni oòrùn, òun ni ọ̀gá wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa já ìso tí ó so àwọn ẹ̀yà wínníwínní inú àwọ̀ náà pọ̀. Bí ìso náà bá já, àwọ̀ a ṣá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a gbé abọ́ náà àti ìdérí rẹ̀ sí gbangba ní agogo mẹ́sàn-án, kí a dojú inú wọn kọ oòrùn, kí a sì yí wọn ní ọ̀sán kí òjìji má bàa bo apá kan. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, apá ti kọ́rì yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, nítorí àwọ̀ àtalẹ̀ pupa kì í lè dúró níwájú oòrùn pẹ́. Apá ti ọbẹ̀ yóò ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ku pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kí a tún un sá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò tí ojú ọ̀run ṣú, iṣẹ́ náà yóò gba ọjọ́ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má sì ṣe gbàgbé abọ́ sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, nítorí oòrùn tí ó ń já àwọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já ara ike pàápàá, abọ́ náà yóò sì máa sán.

Bí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ náà bá kọ̀ tí kò lọ, a lè lo blíìṣì, omi tí a fi ń mú aṣọ funfun mọ́. Kí a bu ṣíbí ìjẹun kan sínú omi tútù lítà kan, kí a da á sínú abọ́ títí yóò fi bo ojú àbàwọ́n, kí a fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Lẹ́yìn èyí, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ibí yìí ni ewu wà. A kò gbọdọ̀ po blíìṣì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì olóró kan tí ń jẹ́ kúlórínì yóò jáde. Òórùn rẹ̀ a máa ta ènìyàn nímú, ojú a máa ta, ikọ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ nínú yàrá tí a tì pa, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán àbàwọ́n wò ní òwúrọ̀, tí kò ṣàn án, tí ó sì da blíìṣì lé e, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó nìyẹn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí a fi ohun gbogbo sílẹ̀ níbẹ̀, kí a sáré bọ́ síta gbangba. Bí èémí bá ń ni ènìyàn lára, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àbàwọ́n kan wà tí gbogbo èyí kò ràn. Bí a bá fi èékánná ra inú abọ́, tí a rí i pé ó rí ṣákiṣàki, tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ibi tí òróró ọbẹ̀ ti máa ń léfòó, kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé ọbẹ̀ kaná nínú abọ́ náà, òróró sì gbóná ju omi lọ títí ó fi jó ara ike. Kò sí oòrùn tí ó lè dí ihò náà. Kí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀, kí ó lọ máa gbé ìṣó tàbí ẹ̀kán aṣọ.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí ọbẹ̀ tutù kí a tó bù ú sínú ike. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Bí a ó bá sì gbé e kaná, kí a kọ́kọ́ dà á sínú ìkòkò tàbí àwo tánganran.

ÌBÉÈRÈ

1. Èéṣe tí omi nìkan kò fi lè yọ àwọ̀ tòmátì kúrò lára ike?
2. Báwo ni ọṣẹ dúdú ṣe ń fi àbàwọ́n kọ́rì hàn yàtọ̀ sí ti ọbẹ̀?
3. Kí ni iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ nínú àyọkà yìí, kí sì ni ìdí rẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ ṣan án kúrò pátápátá?
4. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ sọ abọ́ kan nù nítorí pé inú rẹ̀ pọ́n. Kọ lẹ́tà sí i, kí o sì ṣàlàyé bí yóò ṣe mọ̀ bóyá abọ́ náà ṣì ní àtúnṣe.