ÀLÁ ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ AWAKỌ̀ ÀTI ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ BÍRÉÈKÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi oorun ṣe ìsinmi fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú àwọn àlá tí ènìyàn máa ń gbé tọ àwọn àáfáà lọ ni èyí wà: ènìyàn rí ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń sáré, ìjókòó awakọ̀ sì ṣófo. Tàbí kí òun fúnra rẹ̀ máa wa mọ́tò, kí ó tẹ bíréèkì títí, kí ọkọ̀ má dúró. Yóò ta jí pẹ̀lú òógùn lára, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé jàm̀bá ni?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ wa yìí.

Irú àlá wo ni?

Ànábì wa kọ́ wa pé oríṣi mẹ́ta ni àlá. Ọ̀kan jẹ́ ìró ìdùnnú láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ọ̀kan jẹ́ ìbànújẹ́ tí Ṣàítánì ń dá sílẹ̀, ìkẹta sì ni ohun tí ènìyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ. Ẹni tí ó bá lá àlá tí ó korò, kí ó tutọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí apá òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ Ṣàítánì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó yí ẹ̀gbẹ́ tí ó fi sùn padà, kí ó má sì máa ròyìn rẹ̀ káàkiri. Bí ó bá lè dìde kírun, ó dára.

Hadíìsì kan wà nínú ìwé Muslim tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an. Ará oko kan wá bá Ànábì, ó ní òun lá àlá pé wọ́n bẹ́ òun lórí, orí náà ń yí lọ, òun sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó, ohun tí ó yẹ kí ó máa darí ọkùnrin yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Ànábì kò sọ fún un pé ikú ń bọ̀. Ó kàn kọ̀ fún un pé kí ó má máa sọ fún ènìyàn bí Ṣàítánì ṣe ń fi òun ṣeré lójú oorun. Nítorí náà, ẹni tí ó lá àlá ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ kò ní ẹ̀rí kankan láti sọ pé ẹnì kan yóò kú.

Bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí kò sí láyé àtijọ́

Imáàmù Ibn Sírínì ti ìlú Básírà, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìtumọ̀ àlá, kú ní ọdún 110 Híjírà (729). Àáfáà Abdul-Gánì An-Nábúlúsì ti Dàmásíkù, tí ó kọ ìwé ńlá lórí àlá, kú ní ọdún 1143 Híjírà (1731). Kò sí mọ́tò láyé àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn olùtumọ̀ ìgbà tiwa ń ṣe ni kíyáàsì, èyíinì ni pé wọ́n ń fi ohun tuntun wé ohun àtijọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn nígbà náà, ìjánu ni wọ́n sì fi ń dá a dúró. Àwa Yorùbá ti ṣe kíyáàsì yìí tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, nítorí a máa ń pe bíréèkì ọkọ̀ ní ìjánu.

Láti ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti wọlé. Bí kò bá sí awakọ̀, ohun tí ó sọnù ni olùdarí: iṣẹ́ kan, ilé kan tàbí ẹrù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó. Bí awakọ̀ bá wà tí kò sí bíréèkì, olùdarí wà, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ dúró mọ́. Irú bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń yá owó láti fi san owó tí ó ti yá, tàbí ẹni tí ìbínú rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà lá àlá pé òun àti àwọn ọmọ òun wà ní ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tí ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí awakọ̀. Ó pariwo, ó sì jí kí ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan. Olùtumọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní sọ ohunkóhun kí ó tó bèèrè pé: Ibo lẹ jókòó sí? Ta ni ó wà pẹ̀lú yín? Ǹjẹ́ ẹ nawọ́ sí sítíárìn? Kí ni ẹ ń rò kí ẹ tó sùn?

Ìyá dáhùn pé ẹ̀yìn pátápátá ni òun wà, òun kò sì nawọ́. Ó ní òun yá 200,000 náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òun yóò sì san án fún oṣù 10, 20,000 lóṣooṣù. Oṣù márùn-ún ti kọjá, 60,000 péré ni òun san. Ọmọ ìṣọ̀ ni ó ń tajà, òun kò sì tíì ka ọjà láti ìgbà náà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ti hàn. Bọ́ọ̀sì ni ìṣọ̀ náà, àwọn ọmọ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyá tí ó ni ọkọ̀ ti di èrò ọkọ̀. Àìnawọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù tí ó ń bà á láti ṣí ìwé ọjà wò. Nítorí náà, kí ó ka ọjà, kí ó bá ọmọ ìṣọ̀ ṣe ìṣirò, kí ó sì lọ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí 40,000 tí ó ti wọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá a wá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí àlá náà sì dáwọ́ dúró, ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá ń lá a ṣáá, tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó lọ rí dókítà.

Ibi tí ìtumọ̀ mọ

A kì í fi àlá mú ènìyàn ní olè. Àlá yẹn kò sọ pé ọmọ ìṣọ̀ jí owó, ìṣirò ni yóò sọ ìyẹn. Bákan náà, ìtumọ̀ kan kò bá gbogbo ènìyàn mu. A gbọ́ pé ọkùnrin méjì ló lá àlá pé àwọn ń pe ìrun, Ibn Sírínì sì sọ fún ọ̀kan pé yóò lọ sí Haji, ó sọ fún èkejì pé olè ni, nítorí ìwà wọn yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ awakọ̀ ni ó lá àlá bíréèkì, kí ó kọ́kọ́ lọ wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ lójúmọmọ pé bíréèkì ń rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí pé ó ń wọlẹ̀ jù kí ó tó mú, kí ọkàn rẹ̀ tó sọ ọ́ lóru. Bí ó bá rí ọ́ìlì tí ó ń jò lẹ́bàá táyà, kí ó má gbé ọkọ̀ náà jáde títí mẹkáníìkì yóò fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá sì ní kí ó mú owó wá kí òun fi dá jàm̀bá náà padà, kí ó má dá a lóhùn.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Dárúkọ oríṣi àlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ àti èyí tí kò ní bíréèkì?
3. Èéṣe tí olùtumọ̀ fi bèèrè ibi tí ìyá náà jókòó sí?

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tí ó tọ́ mọ̀ wá. Àmín.