Ìwọ Ni Ọ̀gá, Ìwọ Náà Ni Òṣìṣẹ́

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ń dá àjọ lójoojúmọ́ níbi tí o ti ń ránṣọ. Ó dára, má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún ọ, owó ilé-ìwé àti aṣọ ẹbí á sì gbà á tán. Kò sí ọ̀gá tí yóò máa yọ owó ìfẹ̀yìntì pa mọ́ fún ọ.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 fàyè gba àwọn bíi tìrẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìjọba dá ètò máíkírò pẹ́ńṣàn sílẹ̀ fún yín. PenCom, àjọ tó ń bójú tó o, ti wá ń pè é ní pẹ́ńṣàn àdáni báyìí. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó sì ń ṣiṣẹ́ gidi, lè wọ̀ ọ́.

Orí pencom.gov.ng ni kí o ti wo orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti fi owó ìfẹ̀yìntì dókòwò, kí o mú èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ọ. Mú NIN rẹ lọ. Bí orúkọ ilé ọkọ bá wà ní báńkì, tí ti ilé bàbá sì wà lórí NIN, tún un ṣe kí o tó fọwọ́ síwèé, torí pé ọjọ́ ìgbowó ló máa ń di wàhálà. Wọn yóò fún ọ ní nọ́ńbà tó fi PEN bẹ̀rẹ̀. Òun ni kí o máa fi sanwó ní báńkì. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó rẹ dókòwò kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni owó náà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí o san án sínú àkáǹtì òun, olè ni.

Ká ní o ń fi 500 náírà sí i lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 á jẹ́ 156,000. Nínú ìlànà 2019, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 62,400, ni o lè fọwọ́ kàn bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn ìsanwó àkọ́kọ́. 93,600 yòókù á dúró títí o fi pé àádọ́ta ọdún, àfi bí àìlera bá dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ibí ni kí o ti fetí sí mi dáadáa. Bí o bá ń yọ ìdá 40 yẹn ní gbogbo ìgbà, ogún ọdún á mú 1,872,000 wá. Bí o kò bá fọwọ́ kàn án, á di 3,120,000, ká tó ka èrè. Jẹ́ kí àjọ máa gbé bùkátà ojoojúmọ́, kí o fi èyí sílẹ̀. Ọjà sì ń wọ́n sí i: bí o bá ti fi kún owó ìránṣọ, fi kún 500 náà.

Kí o tó fọwọ́ síwèé, bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín owó náà báyìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Jọ̀wọ́, lọ lọ́sẹ̀ yìí.