Lórí Kí Ni Èlé Ń Lé?

Nínú "mọ́kànlélógún", ọ̀kan ló lé lórí ogún. Inú "lé" yìí náà ni a ti rí "èlé": ohun tó lé lórí owó tí a fi sílẹ̀. Owó tí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni ojú owó. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ilé ìfowópamọ́: ṣé orí ojú owó nìkan ni èlé mi yóò máa lé lọ́dọọdún, àbí orí ojú owó àti èlé tó ti wà nílẹ̀?

Àwọn baba wa mọ irú àkọ́kọ́ dáadáa nínú ètò ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó tí wọ́n yá. Iṣẹ́ náà kì í dín ojú owó kù, kì í sì í bù kún un. Ì báà sìn fún ọdún kan, ì báà sìn fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó kalẹ̀ kó tó bọ́. Irú kejì ni à ń pè ní èlé lórí èlé, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí èlé àná ti di ara ojú owó lónìí.

Ká ní ìyá kan fi 100,000 náírà pamọ́, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Lọ́dún kìíní, 10,000 náírà ni èlé rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Lọ́dún kejì, èlé orí ojú owó tún jẹ́ 10,000, ṣùgbọ́n èlé lórí èlé di 11,000, nítorí 110,000 ló ń lé lé lórí. Ìyàtọ̀ 1,000 náírà kò jọ nǹkan kan lójú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wa kan wà tó lè fi ìyàtọ̀ náà hàn: ṣogúndogójì, orúkọ tí wọ́n ń pe ayánilówó tó ń gba èlé gọbọi. Ẹ jẹ́ ká yá a lò fún ìfowópamọ́. Ọdún mélòó ni ogún ìyá yìí yóò fi di ogójì? Pẹ̀lú èlé orí ojú owó, ọdún 10 ni 100,000 yóò fi di 200,000. Pẹ̀lú èlé lórí èlé, yóò ti ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọdún kẹjọ bá pé. Ẹ wá bi í pé ọdún mélòó ni ogójì yóò fi di ọgọ́rin. Èlé orí ojú owó yóò gba ogún ọdún sí i, nítorí 10,000 náà ló ṣì ń mú wá. Èlé lórí èlé kò ní gbà ju bí ọdún méje àti díẹ̀ lọ, bíi ti àkọ́kọ́. Láti ọgọ́rin sí ọgọ́jọ, ọdún méje àti díẹ̀ náà ni. Nípa bẹ́ẹ̀, 800,000 tí ọ̀kan yóò dé lẹ́yìn 70 ọdún, èkejì yóò ti kọjá rẹ̀ ní ọdún kejìlélógún. Ní ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kan jẹ́ 400,000, èkejì jẹ́ nǹkan bí 1,745,000, èlé ọdún tó gbẹ̀yìn nìkan sì ju ojú owó lọ.

Èyí kò ní ṣẹlẹ̀ bí ìyá náà bá ń gba èlé rẹ̀ ná lọ́dọọdún, tàbí bó bá ní kí ilé ìfowópamọ́ tún ojú owó nìkan fi sílẹ̀. Ojú owó pẹ̀lú èlé ni kó ní kí wọ́n tún fi sílẹ̀. Bí ọ̀wọ́n ọjà bá sì ń sáré ju èlé lọ, owó náà yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rà yóò máa dín kù.

Àṣìlò kan tún wà tó ń bí mi nínú, nítorí ó lè tan ẹni tó ń fowó pamọ́ jẹ. Ìdámẹ́wàá àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ iye kan náà, nítorí náà àwọn kan ń gé "nínú ọgọ́rùn-ún" kúrò níbi gbogbo. Wọ́n á ní "èlé ìdámárùn-ún" nígbà tí 5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lọ́kàn wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan nínú márùn-ún ni ìdámárùn-ún, 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní ọgbọ̀n ọdún, èlé orí ojú owó yóò sọ 100,000 di 250,000 fún 5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti 700,000 fún ìdámárùn-ún. Pẹ̀lú èlé lórí èlé, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 432,000, ti èkejì sì ju mílíọ̀nù 23 lọ. Ẹ pe "nínú ọgọ́rùn-ún" jáde, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.