Orúkọ Tí Ariwo Ọjà Kò Ní Gbé Mì

Ní ọjà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, etí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé orúkọ ṣọ́ọ̀bù kí ojú tó rí i. Jẹnẹrétọ̀ ń hó, àwọn tó ń fa oníbàárà ń kígbe, ẹnjiníà fi ọwọ́ di etí kan, ó ń júwe ọ̀nà fún ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ fọ́. Bí ẹni náà kò bá gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni yóò yà sí.

Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ títún fóònù ṣe kó orúkọ mẹ́ta wá, ó ní kí n bá òun yan ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni Sìmáàtì Fíkìsì. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, sílébù méjì péré ni. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, nítorí náà ahọ́n wa ń ki fáwẹ́lì bọ àárín wọn: sì-má-à-tì fí-kì-sì. Méjì ti di méje. Orúkọ tó gùn tó báyìí, tí kò sì ní ìtumọ̀ létí ìyá aláta, kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu.

Èkejì ni Jífóònù. Mo mọ ibi tí ó ti rí i. Àwọn ẹnjiníà máa ń sọ pé fóònù tó ti kú ti jí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí fóònù bá ṣáájú ni jíjí náà jẹ́ ti ẹni tó sùn tó dìde. Bí ẹ bá yí i, tí ẹ ní “jí fóònù”, olè ni gbogbo ọjà máa gbọ́, nítorí ohùn kan náà ni a fi ń pe méjèèjì. Kò yẹ kí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tú fóònù ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta dára lójú ìwé: Ojútùú. Ojú fóònù wà nínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà mu. Ẹ jẹ́ ká fi ohùn wò ó. Re-mí-dò-mí ni. Ojútì, tí í ṣe ìtìjú, sì jẹ́ re-mí-dò. Ìparí nìkan ni wọ́n ti yà, ìparí sì ni ariwo sábà máa ń gé jẹ. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè gbọ́ pé kí òun wá sí Ojútì.

Ohùn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ariwo, kọ́ńsónáǹtì a máa tètè sọnù, ohùn a sì dúró. Ìyẹn ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́. Àmọ́ àyàn kì í sábà lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló jọ ní ohùn kan náà. Gbólóhùn ni wọ́n máa ń lù, kí ohùn lè pọ̀ tó láti fi dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dá a lábàá pé kí ó fi gbólóhùn kékeré sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: Ó Ti Dáhùn. Mí-re-mí-dò. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, sílébù kò ju mẹ́rin lọ, ohun tí oníbàárà sì ń retí láti gbọ́ nípa fóònù rẹ̀ gan-an ni.

Mo ní kí ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn “ní”, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa lò ó. “Mo wà ní Ó Ti Dáhùn” á di “lÓ Ti Dáhùn” lẹ́nu. “Ní” á di “l”, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pàdánù ohùn kankan.

Ibi tí wàhálà kù sí ni ọwọ́ ẹni tó ń kọ pátákó. Bí ó bá yọ àmì kúrò, tí ó sì so O mọ́ TI, àwọn ènìyàn á kà á sí “Ọtí Dáhùn”. Kí ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kí àmì ohùn òkè sì hàn gbangba lórí Ó.

Lábẹ́ orúkọ, ó fẹ́ kọ “A ń túnṣe fóònù”. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń là ni èyí, àárín rẹ̀ ni ohun tí à ń tún ṣe ń jókòó sí: “A ń tún fóònù ṣe”. Bí ó bá sì ṣèèṣì kọ “A tún ń ṣe fóònù”, ohun tó sọ ni pé òun tún ń rọ fóònù tuntun.