Kaana àti Àwọn Ọmọ-ìyá Rẹ̀: Ìyípadà Ìròyìn àti Ibá Atẹ́rẹrẹ nínú Èdè Lárúbáwá

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá orúkọ tí ó yẹ kí á máa pe ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn gbólóhùn kaana nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní gírámà Lárúbáwá. Fáwẹ́lì Lárúbáwá tí ó gùn ni a kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) al-jawwu baaridun: ojú ọjọ́ tutù.
(2) kaana al-jawwu baaridan: ojú ọjọ́ tutù nígbà náà.

Gbólóhùn (1) kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Olùwà àti ohun tí a sọ nípa rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, -u sì ni fáwẹ́lì ìparí àwọn méjèèjì. Nígbà tí kaana wọlé, olùwà kò yí padà, ṣùgbọ́n baaridun di baaridan. Ìparí ti àkọ́kọ́ ni àwọn onígírámà ń pè ní rafu, èkejì sì ni nasbu. Bákan náà ni àwọn ọmọ-ìyá kaana ń ṣe: saara al-jawwu baaridan (ojú ọjọ́ di tútù), laysa al-jawwu baaridan (ojú ọjọ́ kò tutù), maa zaala al-jawwu baaridan (ojú ọjọ́ ṣì tutù).

Nítorí pé nasbu ni ìparí àbọ̀ náà ń gbà, àwọn olùkọ́ kan a máa pe baaridan ní àbọ̀. Orúkọ yìí ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹni tí iṣẹ́ kàn ni àbọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò ṣe ohunkóhun sí òtútù. Orúkọ tí Lárúbáwá fún un ni khabar, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìròyìn. Ìwé gírámà kékeré tí Ibnu Aajurruum ará ìlú Fẹ́ẹ̀sì (tí ó kú ní 1323) kọ, tí a mọ̀ dáadáa ní ilé-kéú wa, lo orúkọ náà. A dábàá pé kí á máa pè é ní ìròyìn.

Àǹfààní orúkọ yìí hàn nígbà tí ìròyìn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Ẹ wo àpẹẹrẹ kẹta:

(3) kaana al-waladu yaktubu risaalatan: ọmọ náà ń kọ lẹ́tà nígbà náà.

Yaktubu risaalatan lódidi ni ìròyìn. Ó wà ní ipò nasbu, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn kì í gba àmì ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ pé “kaana ń sọ u di a” a máa kọ yaktuba, àṣìṣe ni. Fáwẹ́lì -u tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, kaana kò ní agbára lórí rẹ̀.

Níhìn-ín ni ibá atẹ́rẹrẹ ti wọlé. Yaktubu ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kaana sì gbé e sí àsìkò tí ó ti kọjá. Ní Yorùbá, “ń” kò sọ àsìkò. Bí “ọmọ náà ń kọ lẹ́tà” bá dá dúró, ó lè jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ti àná. Nítorí náà, ó yẹ kí atúmọ̀ fi “nígbà náà” tàbí “nígbà tí mo wọlé” kún un, bí ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká kò bá ti sọ ọ́. Bí kulla yawmin (lójoojúmọ́) bá tẹ̀ lé e, ibá bárakú ni, “ó máa ń kọ lẹ́tà nígbà náà” ni a ó sì kọ.

Ibi méjì mìíràn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Èkíní, kì í ṣe -a ni nasbu ń jẹ́ nígbà gbogbo. “Kaana ar-rijaalu muslimiina” ni a ń wí nípa àwọn ọkùnrin, nítorí muslimuuna ti di muslimiina. Nípa àwọn obìnrin, “kaanat an-nisaau muslimaatin” ni, pẹ̀lú -in ní ìparí. Èkejì, ìròyìn lè ṣáájú olùwà:

(4) kaana fii al-bayti rajulun: ọkùnrin kan wà nínú ilé nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ a kọ rajulan, nítorí pé rajul ni ó gbẹ̀yìn. Kí á bi wọ́n pé: ta ni a ń sọ ìròyìn nípa rẹ̀? Ọkùnrin ni. Òun ni olùwà, rafu ni yóò sì gbà. “Nínú ilé” ni ìròyìn. Ìbéèrè yìí kò ṣeé bi níbi tí a bá ti ń pe ìròyìn ní àbọ̀.