Mẹ́mò sí bọ́ọ̀dù lórí ẹ̀ka kejì ilé oògùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ mẹ́mò fún bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yín wà lókè pátápátá. Ká ṣí ẹ̀ka kejì, àbí ká má ṣí i? Èló ni yóò ná wa? Kí ló lè bà á jẹ́? Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí SWOT wá. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń ya àpótí mẹ́rin, tí ẹ ó to nǹkan mẹ́fà mẹ́fà sínú wọn, tí ẹ ó sì sọ pé agbára wa pọ̀ ju àìlera wa lọ. Bí ẹ bá ti ń kà wọ́n báyẹn, ohun kan ṣoṣo tó lè da ilé oògùn náà dé yóò jọ kékeré lójú yín.

Ẹ jẹ́ ká mú Odekpe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogbaru, létí Odò Ọya nítòsí Onitsha. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ti ní ilé oògùn kan nínú Onitsha, tó fẹ́ ṣí èkejì síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ àpótí tí nǹkan wà, ẹ bi ara yín pé: bí ilé iṣẹ́ wa bá kógbá sílé lọ́la, ṣé nǹkan yìí yóò ṣì wà níbẹ̀? Bó bá máa wà, ti ìta ni, àǹfààní tàbí ewu. Ọjà oògùn ńlá tó wà ní Head Bridge, tí wọ́n ń pè ní Ogbo-ogwu, yóò wà. Àmọ́ àpótí méjèèjì ló yẹ ká kọ ọ́ sí. Ó sún mọ́ wa, oògùn kò ní wọ́n wa lówó láti kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà wa lè gba ibẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí NAFDAC sì ti ọjà náà pa ní oṣù Kejì ọdún 2025 nítorí ayédèrú oògùn, ẹni tó gbójú lé e nìkan kò rí ọjà kó. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí yóò máa ta oògùn fún wa yàtọ̀ sí Ogbo-ogwu.

Àìlera tí mo máa ń wá kọ́kọ́ ni apoògùn. Ẹ̀ka kejì gbọ́dọ̀ ní apoògùn tirẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n tó lè forúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pharmacy Council of Nigeria. Ọ̀gá tó wà ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ kò lè fi ìwé tirẹ̀ jókòó síbí àti sọ́hùn-ún. Ẹ má kọ "a ó wá apoògùn" sínú mẹ́mò. Ẹni tó ti gbà láti wá ni kí ẹ sọ.

Omi ló kù, òun ló sì wúwo jù. Ní ọdún 2012 àti 2022, Odò Ọya kún bo Ogbaru. "Omíyalé: ewu" kò tó láti kọ fún bọ́ọ̀dù. Ẹ sọ ọ́ di owó. Ká fi iye àpẹẹrẹ ṣírò: títà mílíọ̀nù 6 náírà lóṣù, èrè orí ọjà ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mílíọ̀nù 1.32. Owó oṣù, owó ilé àti iná jẹ́ 980,000. Ó ku 340,000 lóṣù, mílíọ̀nù 4.08 lọ́dún, lórí mílíọ̀nù 20 tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá wá tì wá pa fún oṣù méjì, tí a ṣì ń san 700,000 lóṣù, oṣù mẹ́wàá yòókù yóò fún wa ní mílíọ̀nù 3.4, a ó yọ 1.4 kúrò, yóò ku mílíọ̀nù 2 péré. Bí omi bá tún ba oògùn tó tó mílíọ̀nù 2 jẹ́ lórí pẹpẹ, èrè ọdún náà ti tán. Ẹ tún wò ó: ní ọdún tí omi kò wá gan-an, èrè náà kò ju nǹkan bí ìdá 20.4 lọ. Báńkì Àpapọ̀ gbé iye èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Owó tí a bá yá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ èrè wa tán kí omi tó dé rárá.

Kí ẹ tó kọ ìmọ̀ràn, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn dé ilé tí wọ́n fẹ́ háyà. Ẹ wo ara ògiri, àmì omi sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi dé ní 2022, kí ẹ sì fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ bi ilé iṣẹ́ ìbánigbófò bóyá omíyalé wà nínú ìwé wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í kà á mọ́ ọn àfi tí ẹ bá san kún un.

Ìmọ̀ràn tèmi lórí irú ọ̀ràn yìí: rárá, ní báyìí. Ó lè di bẹ́ẹ̀ ni bí a bá rí ilé tí pẹpẹ oògùn rẹ̀ ga ju àmì omi 2022 lọ, bí apoògùn kejì bá ti fọwọ́ sí ìwé, tí owó náà sì jẹ́ ti wa, tí kì í ṣe èyí tí a yá. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí abẹ́ ìdáhùn yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí yóò fi parí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé kankan ṣáájú ọjọ́ náà.