Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Ìsokọ́ra Kọ̀ǹpútà Inú Ọ́fíìsì

Ilé tí a gbé ka orí òpó kan ṣoṣo, ọjọ́ tí òpó náà bá yẹ̀ ni ilé wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ọ́fíìsì. Wáyà lè pọ̀ lára ògiri, iná wẹ́wẹ́ sì lè máa ṣẹ́jú lára àpótí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ohun èlò kan péré ni gbogbo wọn fẹ̀yìn tì. Ohun èlò tàbí wáyà tí ó jẹ́ pé bí òun nìkan bá kú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dúró, òun ni a ó máa pè ní òpó kan ṣoṣo nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àwòrán ìsokọ́ra ni a fi ń wá a rí kí ọjọ́ tí yóò yẹ̀ tó dé.

Àwọn àmì inú àwòrán náà kò ṣòro. Àwọsánmà kékeré tí ó máa ń wà lókè ìwé dúró fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọsánmà ni a fi yà á nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ó yàwòrán. Àmì róbótó tí ọfà mẹ́rin wà lórí rẹ̀ ni ráútà. Ẹnubodè ni ráútà jẹ́: ohun tí ó ń ti ọ́fíìsì lọ sí ìta àti èyí tí ó ń ti ìta bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Àpótí onígun mẹ́rin tí ọfà wà lára rẹ̀ ni súwíìṣì. Kì í ṣe súwíìṣì tí a fi ń tan iná. Oríta ni, níbi tí àwọn wáyà inú ilé ti ń pàdé. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí a kó ìwé gbogbo pamọ́ sí kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa mú un níbẹ̀. Ìlà gbọọrọ tí ó so àmì méjì pọ̀ jẹ́ wáyà. Bí ìlà náà bá ṣe kọ́lọkọ̀lọ, afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ènìyàn 12 ni ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mẹ́fà nísàlẹ̀, mẹ́fà lókè. Nínú àwòrán wọn, ìlà méjì ni ó ti inú àwọsánmà wá. Èkíní jẹ́ wáyà faíbà tí ilé-iṣẹ́ kan rì mọ́lẹ̀ wá sí ọgbà wọn; èkejì ṣe kọ́lọkọ̀lọ, láti orí másìtì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìlà méjèèjì wọ inú ráútà kan. Láti ara ráútà, wáyà kan lọ sí súwíìṣì ìsàlẹ̀, tí ó ní ojú 24. Ara súwíìṣì yìí ni a so kọ̀ǹpútà mẹ́fà ìsàlẹ̀ mọ́, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti sáfà tí ó ní wáyà méjì tirẹ̀. Wáyà kan tún gòkè láti ibẹ̀ lọ bá súwíìṣì òkè, èyí tí kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí ó kù wà lára rẹ̀.

Bí ọ̀gá agbẹjọ́rò bá wo àwòrán yìí, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, nítorí ó rí ìlà méjì lókè, ó sì tún rí wáyà méjì lára sáfà.

“Ṣé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ méjì ni à ń sanwó fún?” ni yóò bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà.

“Ilé-iṣẹ́ méjì ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka bo ráútà yìí kí ẹ tún un wò.”

Ìka yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọgbọ́n náà. A ó fi ìka bo àmì kan tàbí ìlà kan, a ó kà á sí òkú. Lẹ́yìn èyí, a ó tọ ojú ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn wà: íńtánẹ́ẹ̀tì, sáfà, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A ó ka iye àwọn tí kò rí ọ̀nà mọ́, a ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì tí a bò. Lẹ́yìn náà a ó ká ìka kúrò, a ó bo òmíràn.

Bí a bá bo wáyà faíbà, ìlà orí másìtì ṣì wà, nítorí náà òdo ni a ó kọ. Bí a bá bo ráútà, àwọn 12 ni kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì parí sí. Wọ́n ṣì lè mú ìwé nínú sáfà, wọ́n sì lè tẹ ìwé. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré, ráútà yìí kan náà ni ó ń pín nọ́ńbà ìdámọ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tí ó ti gba nọ́ńbà tirẹ̀ yóò máa lò ó títí àkókò tí a yá a fún un yóò fi pé; èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lè má rí nọ́ńbà gbà, kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ sáfà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ráútà bá kú ní aago mẹ́wàá, ó lè dà bí ẹni pé sáfà kò ní àrùn, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá di ọ̀sán.

Bí a bá wá bo súwíìṣì ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Àwọn 12 pàdánù ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wáyà méjì tí sáfà ní kò gbà á, nítorí ara súwíìṣì kan náà ni méjèèjì parí sí. Kìkì ọjọ́ tí wáyà kan bá já ni wọ́n wúlò. Súwíìṣì òkè kò burú tó bẹ́ẹ̀: ènìyàn mẹ́fà péré ni yóò dá dúró. Wáyà tí ó so kọ̀ǹpútà kan mọ́ súwíìṣì sì ń da ẹnì kan ṣoṣo láàmú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo òpó kan ṣoṣo ni ó tọ́ kí a náwó lé lórí. Iye ènìyàn tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àmì ni yóò sọ èyí tí ó ṣáájú.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dé ibi yìí lè yára fà wáyà kejì láti súwíìṣì ìsàlẹ̀ lọ sí ti òkè. Kí ó rọra ṣe é. Bí a kò bá tíì kọ́ súwíìṣì méjèèjì ní bí wọn yóò ṣe lo wáyà méjì, bíríkítí ni ọ̀nà náà dà: ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé yóò gba wáyà kan gòkè, yóò gba èkejì sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa yípo láìdúró, tí yóò sì máa pọ̀ sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ilé yóò dákẹ́. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé iná ojú súwíìṣì yóò máa ṣẹ́jú lápapọ̀, kíkankíkan, láìsinmi, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń rí iṣẹ́ ṣe. Bí a bá yọ wáyà kan nínú méjèèjì, ara yóò tu gbogbo ilé.

Ó ku ohun tí ìka kò lè bò, nítorí pé kò sí nínú àwòrán. Àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná. Àwòrán máa ń fi ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà hàn, kì í fi ọ̀nà tí iná ń gbà hàn. Nínú ọ́fíìsì tí a ń sọ yìí, àpótí ilé-iṣẹ́ faíbà, àpótí ìlà másìtì, ráútà àti súwíìṣì ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń jẹun lára àpótí bátìrì kan náà tí wọ́n ń pè ní yúpíẹ́ẹ̀sì. Bátìrì inú rẹ̀ máa ń di arúgbó láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ó bá ti gbó, ìṣẹ́jú tí iná ìjọba lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tó láti pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì ni ibi tí àwọn ìlà gbà kí wọ́n tó dé ọgbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tí a tẹ́ sí abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí ìlú Àbíjáàn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ tàbí kú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹni tí ó ní ìlà méjì láti ilé-iṣẹ́ méjì, tí ó sì jẹ́ pé àwọn wáyà wọ̀nyí ni méjèèjì gbára lé, ìlà kan ni ó ní ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé owó méjì ni ó ń gbà lóṣooṣù. Bí ó ti rí lábẹ́ òkun ni ó rí lábẹ́ títì: wáyà ilé-iṣẹ́ méjì lè wà nínú kòtò kan náà, kí katakata tí ó ń tún ọ̀nà ṣe gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Àfi kí a béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí àwòrán kò ní sọ ọ́.

Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kékeré kò nílò kí ohun gbogbo jẹ́ méjì méjì. Kí wọ́n ra súwíìṣì ojú 24 kan sí i kí wọ́n fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá kú, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ó bá jẹ́ pé ó ti lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ráútà àpamọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà gbogbo ètò inú ti àkọ́kọ́ wà nípamọ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí òfìfo ni. Kí wọ́n sì pín iná sọ́nà méjì.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí kóòtù ti tì tí kò sì sí ìwé ẹjọ́ tí ó ń kánjú, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, yóò sì tẹ èyí:

```
ping -t 8.8.8.8
```

Kọ̀ǹpútà yóò máa kí ẹ̀rọ kan tí ó wà lójú ìta, èsì yóò sì máa wọlé ní ìlà ní ìlà. Nígbà náà ni yóò yọ wáyà faíbà. Ibi tí yóò ti yọ ọ́ ṣe pàtàkì. Bí ó bá yọ ọ́ lára ráútà, ráútà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ojú náà ti ṣófo, yóò sì yà sí ìlà kejì. Ṣùgbọ́n lójú ayé, òde títì ni faíbà ti máa ń já, wáyà tí ó wà láàárín àpótí ilé-iṣẹ́ náà àti ráútà yóò sì wà ní pípé, iná rẹ̀ yóò máa tàn. Ráútà tí ó ń wo iná yìí nìkan yóò máa da ọ̀rọ̀ sínú ọ̀nà tí ó ti kú. Nítorí náà, ẹ̀yìn àpótí ilé-iṣẹ́, níbi tí faíbà ti ń wọlé láti ìta, ni yóò ti yọ ọ́.

“Ó ti dákẹ́, sà,” ni ó wí fún ọ̀gá rẹ̀ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, èsì kankan kò wọlé. Ó ṣí ètò ráútà, ó pàṣẹ fún un pé kí ó máa kí ẹ̀rọ ìta gba ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, bí èsì kò bá sì wá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí ó ka ìlà náà sí òkú. Ó dá faíbà padà, ó dúró díẹ̀, ó tún un yọ. Ní ìgbà yìí, èsì sọnù fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ másìtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà so faíbà padà, ó fi bírò kọ yúpíẹ́ẹ̀sì sí abẹ́ ráútà nínú àwòrán, ó sì kọ ọjọ́ òní sí ìsàlẹ̀ ìwé.